Kọ́ọ̀fù kọ́ ni á mú kí ìlà tín-ín-rín dúró lára aṣọ

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ kí wọ́n tẹ ‘Ìṣọ̀kan Ẹgbẹ́’ sí àyà tí-ṣẹ́ẹ̀tì wa. Fọ́ǹtì tí mo lò ní ìlà tó nípọn àti ìlà tó tín-ín-rín, póíǹtì 24 ni mo sì fi kọ ọ́. Ó dára gan-an lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí aṣọ dé, àwọn ìlà tín-ín-rín ti já, àmì abẹ́ ẹ àti ṣ ti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, àmì ohùn orí ẹ́ tó gbẹ̀yìn sì ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní kí n máa sọ ọ̀rọ̀ di kọ́ọ̀fù kí n tó fi fáìlì ránṣẹ́. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé gbogbo rẹ̀ á yanjú?”

Ọ̀kan péré nínú mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ ni á yanjú, ìyẹn àmì ohùn tó yẹ̀ láyè rẹ̀. Ìlà tó já àti àmì abẹ́ tó lẹ̀ mọ́ lẹ́tà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kọ́ọ̀fù, ìyẹn sísọ lẹ́tà di àwòrán, rárá. Ẹ lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà di kọ́ọ̀fù lónìí, kí wọ́n sì tún un tẹ̀ lọ́la, ibi tó já lákọ̀ọ́kọ́ náà ni á tún já. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín dára, ẹ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, àmọ́ ìrísí lẹ́tà ni kọ́ọ̀fù ń dáàbò bò, kì í fi ẹran kún lẹ́tà. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, fáìlì yín kò tíì ní àwòrán lẹ́tà kankan nínú. Àṣẹ ló wà níbẹ̀: “kọ lẹ́tà báyìí pẹ̀lú fọ́ǹtì báyìí, ní ìwọ̀n báyìí.” Bí kọ̀ǹpútà ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kò bá ní fọ́ǹtì yẹn, á wá òmíràn fi dípò, nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Èdè wa sì tún ní ìṣòro kan tí èyí máa ń tú síta. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ḿbà tiwọn nínú Unicode: U+1EB9, U+1ECD àti U+1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́, ìyẹn ẹ tó ní àmì òkè lórí, kò ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo. Nǹkan méjì tó tẹ̀ léra ni: U+1EB9, kí U+0301 tó jẹ́ àmì ohùn wá tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí á gbé àmì náà jókòó sí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí sórí lẹ́tà tó wà níwájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ yín nìyẹn: fọ́ǹtì yín mọ àyè àmì, èyí tí wọ́n fi dípò rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá ti sọ ọ̀rọ̀ di kọ́ọ̀fù, àṣẹ náà á parẹ́, ìlà tó yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ká á sì rọ́pò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yín á fi í hàn bí ẹ ṣe rí i gan-an. Nínú Inkscape, ẹ yan ọ̀rọ̀ náà kí ẹ sì lo `Path > Object to Path`. Nínú Illustrator, `Type > Create Outlines`. Nínú CorelDRAW, `Convert to Curves`, tó jẹ́ Ctrl+Q. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀, nítorí pé lẹ́yìn èyí ẹ kò lè tún lẹ́tà tí ẹ ṣì kọ ṣe mọ́. Ẹ tún wo àmì kọ̀ọ̀kan dáadáa kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì náà. Bí àmì bá ti wà ní ibi tí kò yẹ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni kọ́ọ̀fù á dì í mọ́. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé àmì náà ti di àwòrán tirẹ̀, ẹ lè fi ọwọ́ gbé e lọ síbi tí ẹ bá fẹ́.

Ibi méjì ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ láìsí ariwo. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá ti fi ìlà kún etí lẹ́tà kó lè nípọn, sísọ ọ̀rọ̀ di kọ́ọ̀fù kò kan ìlà yẹn, ó ṣì jẹ́ ìlà tó ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá sún àwòrán náà kéré tàbí kó fẹ̀ ẹ́, ìlà náà lè má tẹ̀ lé e. Ẹ sọ òun náà di àwòrán pẹ̀lú `Path > Stroke to Path` nínú Inkscape, tàbí `Object > Path > Outline Stroke` nínú Illustrator. Ìkejì, àwọn fọ́ǹtì tó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́ máa ń gun orí ara wọn níbi tí lẹ́tà méjì ti pàdé, ibi tí wọ́n ti gun ara wọn sì lè di ihò funfun nínú fíìmù, ìyẹn ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n ń tẹ iṣẹ́ yín sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Ẹ yan gbogbo rẹ̀, kí ẹ lo `Path > Union` nínú Inkscape kí wọ́n di ọ̀kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í pamọ́ bíi PDF, ẹ lè mọ̀ bóyá fọ́ǹtì kankan ṣì kù nínú rẹ̀. Ẹ ṣí `Properties` fáìlì náà nínú Acrobat Reader kí ẹ wo abala `Fonts`, òfìfo ló yẹ kó wà. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń lo àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà lè kọ èyí:

```
pdffonts ise.pdf
```

Bí kò bá sí orúkọ fọ́ǹtì kankan lábẹ́ àkọlé tó jáde, gbogbo ọ̀rọ̀ ti di kọ́ọ̀fù.

Ó wá ku ìlà tó já. Aṣọ híhun ni síkírìnì tí wọ́n fi ń tẹ tí-ṣẹ́ẹ̀tì, àárín òwú rẹ̀ ni ìǹkì ń gbà kọjá. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ fún tí-ṣẹ́ẹ̀tì ní òwú 43 nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Ìyẹn ni pé láti àárín òwú kan sí àárín èkejì jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 0.23: òwú fúnra rẹ̀ gba bíi 0.08, ihò gba bíi 0.15. Ẹ wá wo ìlà lẹ́tà tí kò ju mílímítà 0.17 lọ. Bí ó bá bọ́ sí ojú ihò gan-an, ìǹkì á kọjá. Bí ó bá bọ́ sórí òwú, òwú náà á ti dí ìdajì rẹ̀. Lẹ́tà kì í sì í dúró ní ìbámu pẹ̀lú òwú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà kan náà á wà lójú ihò níbí, á wà lórí òwú lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ìlà tín-ín-rín fi máa ń já níbì kan, kó jáde níbòmíràn, tí kì í sábà pòórá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀múṣọ̀nù, ìyẹn oje tí wọ́n fi ń kun síkírìnì, náà ń jẹ nínú ìlà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń mú un le. Ibi tí dúdú inú fíìmù bò ni ìmọ́lẹ̀ kò dé, omi á sì fọ̀ ọ́ kúrò kí ìǹkì lè ráyè kọjá. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ máa ń yọ́ gba abẹ́ etí dúdú náà wọlé, pàápàá bí fíìmù kò bá lẹ̀ mọ́ síkírìnì dáadáa tàbí bí wọ́n bá fi síwájú ìmọ́lẹ̀ pẹ́ jù. Ìlà tó nípọn kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìlà tín-ín-rín lè ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dí. Bí ìǹkì bá tún jẹ́ èyí tí wọ́n fi omi pò, inú ihò tóóró ni á ti kọ́kọ́ gbẹ, ẹ ó rí i pé aṣọ àkọ́kọ́ dára ju aṣọ ogún lọ.

Ti àmì abẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Níbẹ̀, ohun tó tín-ín-rín ni àlàfo tí kò yẹ kí ìǹkì kàn, èyí tó wà láàárín ẹ àti àmì rẹ̀. Lára síkírìnì, ọ̀já ẹ̀múṣọ̀nù tóóró kan ló ń ṣọ́ àlàfo yẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, omi á fọ ọ̀já náà lọ pẹ̀lú ohun tó yẹ kó fọ̀. Bí ọ̀já náà bá tiẹ̀ dúró, ìǹkì kì í dúró sójú kan: nígbà tí wọ́n bá fi rọ́bà fà á tí ó sì balẹ̀ sórí aṣọ, á fẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Ìdí nìyẹn tí àlàfo fi gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju bí ìlà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn lọ. Ojú inú ẹ àti a, àti lẹ́tà funfun tí ẹ bá gé sáàárín àwọ̀ mìíràn, wà lábẹ́ òfin kan náà.

Ìwọ̀n tí mo máa ń dúró lé fún tí-ṣẹ́ẹ̀tì nìyí. Lórí síkírìnì olówùú 43, kí ìlà má ṣe dín sí mílímítà 0.5, kí àlàfo má ṣe dín sí 0.7. Lórí olówùú 77, tí ihò rẹ̀ kéré, ìlà lè sún mọ́ 0.35, àlàfo lè jẹ́ 0.5. Ẹ lè rí ẹni tó tẹ ohun tó kéré ju èyí lọ tó sì dára. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì mọ síkírìnì rẹ̀. Èmi ò ní fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan tí aṣọ rẹ̀ pọ̀ dán an wò. Aṣọ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: ojú híhun tí-ṣẹ́ẹ̀tì lè fẹ̀ ju ìdajì mílímítà lọ, irun òwú sì ń yọ lójú rẹ̀. Síkírìnì tó dára jù lọ láyé kò lè mú ìlà dúró ṣinṣin lórí ojú aṣọ tó fẹ̀ ju ìlà náà lọ. Lórí aṣọ onírúgúrúgú bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì olọ́rùn, ẹ fi kún àwọn ìwọ̀n yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá mú iṣẹ́ yín wọ̀n. Póíǹtì kan jẹ́ mílímítà 0.353, nítorí náà póíǹtì 24 jẹ́ mílímítà 8.47. Ìwọ̀n fọ́ǹtì lápapọ̀ nìyẹn o, kì í ṣe ti ìlà rẹ̀. Nọ́ḿbà póíǹtì kò sọ nǹkankan fún yín nípa bí ìlà ṣe nípọn tó. Nínú fọ́ǹtì irú èyí tí ẹ ṣàpèjúwe, ìlà tín-ín-rín lè jẹ́ ìdá 20 nínú ìdá 1000 ìwọ̀n fọ́ǹtì. Ẹ fi 8.47 ṣe é, ó di mílímítà 0.17. Ìlà tó nípọn nínú fọ́ǹtì kan náà lè tó mílímítà kan, ìdí nìyẹn tí apá kan lẹ́tà fi jáde dáadáa tí apá kejì já. Ká ní àlàfo àárín ẹ àti àmì abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 60, ó di 0.5. Lórí olówùú 43, méjèèjì ló kùnà.

Àtúnṣe tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a fẹ lẹ́tà. Kí ìlà 0.17 tó di 0.5, fọ́ǹtì yín gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi póíǹtì 71. Ọ̀rọ̀ tó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 4.6 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn á di sẹ̀ǹtímítà 13 ó lé, ó ti kúrò ní nǹkan kékeré igun àyà. Bí ẹ bá fẹ́ kó gba gbogbo àyà, ọ̀nà tó dára jù nìyẹn, nítorí pé ìrísí fọ́ǹtì kò ní yí padà rárá. Síkírìnì tí ihò rẹ̀ kéré kò lè gbà yín nínú èyí: 0.17 ṣì kéré sí 0.35, ìǹkì tó ń gbabẹ̀ kọjá sì fúyẹ́.

Ẹ tún lè fi ìlà kún etí lẹ́tà. Ìlà mílímítà 0.35 tó jẹ́ àwọ̀ kan náà á fi 0.175 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 0.17 á sì di 0.52. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú ni pé ohun tí ẹ fi kún ìlà, inú àlàfo ni ẹ ti mú un. Àlàfo àmì abẹ́ tó jẹ́ 0.5 á di 0.15, ó sì ti dí nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ wá gbé àmì abẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ ní 0.55 kí àlàfo tó padà di 0.7, kí ẹ sì wò ó bóyá ìlà ọ̀rọ̀ mìíràn wà nísàlẹ̀ tí àmì náà á kọlù. Ẹwà fọ́ǹtì náà á sì dín kù, nítorí ìyàtọ̀ láàárín ìlà tó nípọn àti èyí tó tín-ín-rín ló mú un lẹ́wà, òun gan-an sì ni ẹ ń pa.

Èyí tí màá yàn fún ibi kékeré ni kí ẹ pa fọ́ǹtì dà sí èyí tí ìlà rẹ̀ dọ́gba. Bí ìlà rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 90 nínú 1000, ní póíǹtì 24 kan náà ó ti jẹ́ 0.76, ẹ kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Ẹ yan èyí tó mọ àyè ẹ́ àti ọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ọ́ di kọ́ọ̀fù, ẹ gbé àmì abẹ́ sọ̀kalẹ̀ bí àlàfo rẹ̀ kò bá tó 0.7, kí ẹ sì fẹ àmì náà tó mílímítà 0.8 ó kéré tán. Àmì ohùn náà gba àkíyèsí: ìdí rẹ̀ nípọn, ṣónṣó rẹ̀ máa ń tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ẹ gé ṣónṣó náà kúrú, kí ó jẹ́ ìlà kan tó dọ́gba. Àwọn mìíràn máa ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán tó sì so mọ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó. Lórí aṣọ, ọgbọ́n gidi ni, torí pé níbi tí kò sí àlàfo, kò sí ohun tí ìǹkì máa dí. Ẹ kàn rí i pé gbogbo lẹ́tà inú iṣẹ́ náà ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kò nílò láti wọn ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iṣẹ́ náà sí ìwọ̀n tí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́ gan-an, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tó ti di kọ́ọ̀fù, kí ẹ wá dín etí rẹ̀ kù ní 0.25 yíká. Ohunkóhun tó bá pòórá kò tó 0.5. Nínú Inkscape, ẹ fi 0.25 mm sí `Inset/Outset by` nínú `Preferences`, lábẹ́ `Behavior > Steps`, kí ẹ tó lo `Path > Inset`. Nínú Illustrator, ẹ lo `Object > Path > Offset Path` kí ẹ fi -0.25 mm sí i. Fún àlàfo, ẹ mú ẹ̀dà mìíràn kí ẹ fẹ etí rẹ̀ ní 0.35: ojú lẹ́tà tó bá dí, tàbí àmì tó bá lẹ̀ mọ́ lẹ́tà rẹ̀, kò tó 0.7. Ẹ pa ẹ̀dà méjèèjì rẹ́ lẹ́yìn náà kí wọ́n má ṣe bá fáìlì lọ.

Bí aṣọ bá dúdú, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ funfun sábẹ́ àwọ̀. Wọ́n sábà máa ń dín etí funfun náà kù díẹ̀ kó má baà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá dín 0.2 kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà 0.5 á ku 0.1 funfun lábẹ́, ìyẹn ni pé kò sí funfun níbẹ̀ mọ́, àwọ̀ ibẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Fún lẹ́tà kékeré lórí aṣọ dúdú, àwọ̀ kan ṣoṣo tó lè dá bo aṣọ, pàápàá funfun, ni ó dára jù.

Nígbà tí wọ́n bá tẹ fíìmù, kí wọ́n pa `Fit to page` tì, nítorí ó lè sún gbogbo iṣẹ́ kéré láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ fa ìlà mílímítà 100 kan sí etí iṣẹ́, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí fíìmù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ to ìlà 0.3, 0.4, 0.5, 0.7 àti 1.0, kí ẹ tún to ìwọ̀n kan náà bí àlàfo nínú pátákó dúdú, kí wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ègé aṣọ kan náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà tó tín-ín-rín jù tó jáde láìjá, àti àlàfo tó tóóró jù tó ṣì ṣí sílẹ̀, ni ìwọ̀n síkírìnì, ìǹkì àti ọwọ́ ẹni yẹn; ẹ fi wọ́n rọ́pò àwọn tí mo kọ sókè yìí. Bí nǹkan kan bá ṣì já, ẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí lórí fíìmù, inú fáìlì tàbí nígbà tí wọ́n tẹ fíìmù ló ti sọnù. Bí ó bá wà lórí fíìmù tí kò sí nínú síkírìnì tí ẹ gbé síwájú ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tàbí omi ìfọ̀ ló jẹ ẹ́. Bí ó bá ṣí sílẹ̀ nínú síkírìnì tí kò dé orí aṣọ, ìǹkì tó gbẹ tàbí bí wọ́n ṣe fà á ni kí ẹ bá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sọ.